Bí ópérónì lac ṣe ń dáhùn sí lákítóòsì àti gúlúkóòsì: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tó máa ń wá kàwé lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ní Àjàṣẹ́, àwọn kan láti Kétu, àwọn kan láti Ṣábẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀. Bí ìbéèrè bá ní lákítóòsì nìkan ló wà, wọ́n á dáhùn. Bó bá ní gúlúkóòsì nìkan ló wà, wọ́n á dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ṣúgà méjèèjì bá ti wà pa pọ̀ nínú ìgò kan, ọ̀rọ̀ á di rúdurùdu. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí wà. Torí náà, ìgò kan ṣoṣo tí ṣúgà méjèèjì wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ yín ní kíláàsì, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá rò ó wò níhìn-ín. Ẹ mú bébà àti bírò, nítorí ẹ máa yàwòrán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ ya DNA náà

Bakitéríà tí à ń sọ ni E. kólì, tó ń gbé inú ìfun èèyàn àti ti ẹran. Gúlúkóòsì ni oúnjẹ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Lákítóòsì ni ṣúgà inú wàrà: lítà kan wàrà màlúù ní nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50 nínú. Nígbà tí àwọn obìnrin Fúlàní ní agbègbè Ṣábẹ̀ bá ṣe wàgàsì tán, inú omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ni èyí tó pọ̀ jù nínú lákítóòsì náà wà. Ṣúgà oníbejì ni, gúlúkóòsì kan tó so mọ́ galakitóòsì kan. Bakitéríà ní láti gbé e wọlé, kó sì gé e sí méjì, kó tó lè jẹ ẹ́. Irinṣẹ́ ìgbéwọlé àti irinṣẹ́ ìgéjì yìí ni ópérónì lac, àwọn jíìnì kan tó tò tẹ̀ léra lórí DNA bakitéríà tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́, wà fún.

Ẹ fa ìlà kan, kí ẹ sì to àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún:

```
lacI --- CRP --- P --- O --- lacZ --- lacY --- lacA
```

P ni púrómótà, ibi tí pólímérèsì RNA ti máa ń so mọ́ DNA kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ RNA. O ni ópérétọ̀, ibi tí olùdènà máa ń jókòó sí. CRP tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ P ni àyè tí púrótéènì kan tó ń jẹ́ CRP máa ń wá dúró. A máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Jíìnì lacZ ló ń mú bẹ́tà-galakitosidéèsì jáde, ẹ́ńsáìmù tó ń gé lákítóòsì. Jíìnì lacY ló ń mú pẹ́míéèsì jáde, púrótéènì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé lákítóòsì wọlé. Ti lacA, ẹ kàn mọ orúkọ rẹ̀. Bakitéríà lè jẹ lákítóòsì láìsí i.

Orí RNA kan ṣoṣo ni a máa ń kọ jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọ ń tàn tí wọ́n sì jọ ń kú. Àmọ́ lacI kò sí lára ìyẹn. Ó ní púrómótà tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà gbogbo, yálà ṣúgà wà tàbí kò sí. Ẹni tó bá ya lacI sábẹ́ púrómótà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù ti ṣi àwòrán náà yà, gbogbo ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà ni yóò sì wọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Nígbà tí kò sí lákítóòsì

Púrótéènì tí lacI ń mú jáde ni olùdènà. Ẹyọ mẹ́rin tó jọra ló so pọ̀ di olùdènà kan. Wọn kò pọ̀ rárá: nǹkan bíi mẹ́wàá péré ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ṣùgbọ́n wọ́n di ópérétọ̀ mú gírígírí, débi pé pólímérèsì kò lè kọ RNA kọjá.

Gírígírí yìí kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ti pa pátápátá o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, olùdènà á já kúrò fún ìgbà díẹ̀, RNA kan á yọ jáde, pẹ́míéèsì díẹ̀ àti bẹ́tà-galakitosidéèsì díẹ̀ á sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ pé "kò sí nǹkan kan rárá", wọn kò sì ní lè ṣàlàyé ohun tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Nígbà tí lákítóòsì dé, tí kò sí gúlúkóòsì

Pẹ́míéèsì díẹ̀ tó jò jáde yẹn ló máa gbé lákítóòsì àkọ́kọ́ wọlé. Ká ní kò sí wọn, ìgò lè kún fún lákítóòsì kí bakitéríà má sì mọ̀ pé ó wà níta. Tó bá ti wọlé, bẹ́tà-galakitosidéèsì á gé èyí tó pọ̀, ṣùgbọ́n á yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí ṣúgà mìíràn tó ń jẹ́ alolákítóòsì. Ṣúgà méjì náà ló ṣì wà níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so mọ́ra ló yí padà.

Alolákítóòsì yìí ló máa so mọ́ olùdènà, kì í ṣe lákítóòsì fúnra rẹ̀. Bó ti so mọ́ ọn, ìrísí olùdènà á yí, kò ní lè di ópérétọ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á sì já kúrò.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe lákítóòsì? Ẹ mú bakitéríà tí lacZ rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ẹ sì fún un ní lákítóòsì. Kò ní tan ópérónì náà, nítorí kò sí ẹ́ńsáìmù tó máa ṣe alolákítóòsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún bakitéríà kan náà ní IPTG, kẹ́míkà tó jọ alolákítóòsì tí sẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ, ópérónì á tàn: pẹ́míéèsì á pọ̀ lára awọ rẹ̀. Olùdènà náà dára, ópérétọ̀ náà dára. Ẹni tó máa jẹ́ iṣẹ́ fún un ni kò sí. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè yìí, èyí ni ìdáhùn tó ń wá.

Ìgbésẹ̀ 4: Olùdènà ti kúrò, síbẹ̀ ìyẹn nìkan kò tó

Púrómótà lac kò lágbára. Pólímérèsì kì í fi bẹ́ẹ̀ dì í mú fúnra rẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó ra àpò àgbàdo ńlá ní ọjà Wàńdò: ọ̀nà lè mọ́ tónítóní níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹni tó máa bá a gbé ẹrù náà rù, níbẹ̀ ló máa dúró sí. CRP ni ẹni tó ń báni gbé ẹrù rù. Ó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ púrómótà, á di pólímérèsì mú, á sì jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ lórí DNA.

Ṣùgbọ́n CRP kò lè jókòó sórí DNA bí kò bá tíì so mọ́ nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ cAMP. Nígbà tí cAMP bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, CRP á ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá dín kù, CRP á máa fò kiri láìrí ibi bà lé.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ẹ ó máa bi ara yín nígbà gbogbo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé olùdènà ti kúrò lórí O? Ṣé CRP ti wà ní àyè rẹ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńsáìmù á pọ̀ tó ìlọ́po nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ti ìgbà tí olùdènà wà níbẹ̀. Bí olùdènà bá kúrò tí CRP kò sí, díẹ̀ ló máa jáde. Bí olùdènà kò bá kúrò, CRP lè dúró síbẹ̀ di ọ̀la, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé gúlúkóòsì wà?

Ibí yìí ló yẹ kí a dúró sí dáadáa. Gúlúkóòsì kì í fọwọ́ kan CRP, kì í sì í fọwọ́ kan DNA. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ EIIA ló ń mú ìròyìn wá.

Bí gúlúkóòsì ṣe ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé, wọ́n máa ń lẹ fọ́sífétì kan mọ́ ọn lára. Ọwọ́ EIIA ni fọ́sífétì náà ti máa ń gbà kọjá. Nígbà tí gúlúkóòsì ń wọlé wìtìwìtì, bí EIIA bá ti ń gba fọ́sífétì ló ń fi í sílẹ̀, torí náà òfìfo ló sábà máa ń wà. Nígbà tí gúlúkóòsì bá tán, kò sí ẹni tó máa gba fọ́sífétì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀.

EIIA tó ní fọ́sífétì máa ń ta ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cAMP jí. Ìyẹn ni ọ̀nà kìn-ín-ní: gúlúkóòsì ń wọlé, EIIA ṣófo, cAMP dín kù, CRP kò ṣiṣẹ́. Gbogbo ìwé ló ní èyí.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ìlà kan péré sọ, lójú tèmi òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ìgò wa. EIIA tó ṣófo máa ń lọ so mọ́ pẹ́míéèsì láti inú sẹ́ẹ̀lì, kò ní jẹ́ kó gbé lákítóòsì wọlé. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lákítóòsì wà nínú ìgò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá wọlé, kò sí alolákítóòsì. Bí kò bá sí alolákítóòsì, olùdènà ṣì jókòó sórí ópérétọ̀. Àwòrán tí wọ́n sábà máa ń yà, tí olùdènà ti já kúrò tí CRP nìkan ni kò sí, kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò mu délẹ̀délẹ̀.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ kan ní Japan wọn cAMP nínú E. kólì tó ń jẹ ṣúgà méjèèjì tẹ̀ léra. Ìwọ̀n cAMP nígbà tó ń jẹ gúlúkóòsì àti nígbà tó ń jẹ lákítóòsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àárín méjèèjì, nígbà tí ìdàgbà dúró, ló ga sókè fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì lo bakitéríà tí kò ní olùdènà, tàbí tí wọ́n fi IPTG sínú ìgò, ìdádúró àárín náà pòórá. Ká ní cAMP nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò, ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ sì sọ pé dídí ẹnu ọ̀nà mọ́ lákítóòsì ló ń mú kí olùdènà dúró sí àyè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìgò náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Jacques Monod ni ó ṣe irú ìgò yìí ní Paris, tó sì gbèjà iṣẹ́ dókítà rẹ̀ lórí ìdàgbà bakitéríà ní 1941. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1961, òun àti François Jacob gbé àlàyé olùdènà àti ópérónì jáde. Ní 1965, àwọn méjèèjì pẹ̀lú André Lwoff gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe tiwa lórí bébà. Lítà kan omi oníyọ̀, tí kò sí oúnjẹ mìíràn nínú rẹ̀ ju gíráàmù 0.5 gúlúkóòsì àti gíráàmù 1.5 lákítóòsì. Ìgbóná 37 °C, à ń mi ìgò náà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí omi ṣe ki tó ni a fi ń mọ bí bakitéríà ṣe pọ̀ tó. OD ni wọ́n ń pe nọ́ńbà rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti 0.02, ká sì gbà pé bakitéríà ń di ìlọ́po méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn wákàtí kan, 0.04. Lẹ́yìn náà 0.08, 0.16, 0.32, 0.64. Ó tó wákàtí márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yìí, gúlúkóòsì nìkan ni wọ́n ń jẹ. EIIA ṣófo, ó di pẹ́míéèsì mú, olùdènà wà lórí O.

Ìdàgbà á dúró nítòsí 0.6. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Gíráàmù kan gúlúkóòsì máa ń di nǹkan bí ìdajì gíráàmù bakitéríà gbígbẹ, OD 1 sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.4 ní lítà kan. Gíráàmù 0.5 ṣúgà á fún wa ní gíráàmù 0.25 bakitéríà, ẹ pín in sí 0.4, ó di 0.6 àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi gúlúkóòsì tó jẹ́ ìlọ́po méjì sí i, ibi ìdúró náà á gòkè lọ sí nǹkan bíi 1.2. Ohun tí Monod rí nìyẹn: bí ṣúgà àkọ́kọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ìdàgbà àkọ́kọ́ ṣe máa ń ga tó.

Ìdádúró náà lè tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹni tó ń wo ìgò á rò pé bakitéríà ń sinmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ nínú wọn. Gúlúkóòsì ti tán, fọ́sífétì dúró sára EIIA, ó já pẹ́míéèsì sílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù cAMP jí, CRP gun àyè rẹ̀. Pẹ́míéèsì díẹ̀ tó ti jò jáde (ìlà tí ẹ fà ní ìgbésẹ̀ 2 nìyẹn) gbé lákítóòsì díẹ̀ wọlé, alolákítóòsì yọ, olùdènà kan já. Pẹ́míéèsì pọ̀ sí i, lákítóòsì tó ń wọlé náà pọ̀ sí i, àwọn olùdènà yòókù náà já. Lẹ́yìn náà ni OD tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí lákítóòsì fi máa tán nítòsí 2.5.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kétu bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú: "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá gé lákítóòsì, ṣebí gúlúkóòsì ló máa yọ. Kí ló dé tí gúlúkóòsì yẹn kò fi tún pa ópérónì náà?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìgbésẹ̀ 5. Inú sẹ́ẹ̀lì ni gúlúkóòsì yìí ti yọ, kò gba inú awọ wọlé, kò sì gba fọ́sífétì lọ́wọ́ EIIA. Ẹ́ńsáìmù mìíràn ló ń fi fọ́sífétì láti ara ATP lẹ̀ ẹ́. Gúlúkóòsì tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni EIIA ń ka iye rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe é ní yàrá ìwádìí tí ẹ kò sì rí ìdádúró kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí irúgbìn bakitéríà yín ti wá. Bó bá jẹ́ inú lákítóòsì ni wọ́n ti tọ́ ọ, pẹ́míéèsì àti ẹ́ńsáìmù ti kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan á máa gé wọn sí ìdajì, lẹ́yìn ìpín márùn-ún ó ṣì ku ìdá kan nínú 32, ìyẹn sì pọ̀ ju èyí tó ń jò jáde lásán lọ. Inú gúlúkóòsì ni kí ẹ ti tọ́ irúgbìn. Bó bá sì jẹ́ wákàtí méjì méjì ni ẹ ń wọn OD, ìdádúró ìdajì wákàtí kò lè hàn yín; ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá nígbà tó bá ti ń sún mọ́ 0.5.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́

Ìdánwò máa ń fẹ́ràn èyí. Ẹ da X-gal mọ́ oúnjẹ inú àwo: kò láwọ̀, ṣùgbọ́n bí bẹ́tà-galakitosidéèsì bá gé e, á di búlúù. X-gal kì í tan ópérónì o. IPTG ló ń tàn án. Àwo tó ní X-gal láìní IPTG yẹ kó fún yín ní bakitéríà funfun. Bí ẹ bá sì fi gúlúkóòsì sínú àwo náà, búlúù á ṣá, kódà bí IPTG bá wà.

Ká ní àwọn kan di búlúù láìsí IPTG. Ohun méjì ló lè fà á: lacI bàjẹ́, kò sí olùdènà tó dára, tàbí ópérétọ̀ bàjẹ́, olùdènà wà ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó máa dì mú. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ gbé ègé DNA mìíràn tó ní lacI tó dára wọ inú rẹ̀. Bó bá padà di funfun, lacI ló bàjẹ́, nítorí púrótéènì ni olùdènà, ó lè rìn láti ara DNA kan lọ sí òmíràn. Bó bá ṣì jẹ́ búlúù, ópérétọ̀ ni; ojú DNA ni, kò lè rìn lọ síbì kankan.

Irú ọgbọ́n yìí ni ẹ ó tún lò fún apá CRP. Bakitéríà kan kò lè jẹ lákítóòsì dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí gúlúkóòsì, lacI, ópérétọ̀ àti jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ sì pé. Ẹ bu cAMP sínú oúnjẹ rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lákítóòsì, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cAMP ló bàjẹ́. Bí kò bá sí ìyípadà, CRP fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.